Bí 5GB Ṣe Máa Tó Yín fún Oṣù Kan: Ètò Dátà Lórí Fóònù Android

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn tó ń bi mí nípa fóònù: "Mo ra 5GB, mi ò wo fíìmù, mi ò ṣe nǹkan kan tó le, kí ló dé tó fi tán lọ́jọ́ kejìlá?" Ọ̀pọ̀ ti gbà lọ́kàn ara wọn pé ńṣe ni ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ń yọ dátà àwọn mu. Ohun tí èmi ti rí lórí àwọn fóònù tí wọ́n gbé wá bá mi ni pé ibi tí dátà náà gbà lọ wà nínú fóònù fúnra rẹ̀, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àti iye. A kì í ṣí ojú ìwé náà ni.

Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, àbúrò mi obìnrin tó ń ránṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbé fóònù tirẹ̀ wá. A jọ jókòó, a ṣí i, a sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ tò fún yín níbí, nítorí pé fóònù rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ nínú yín: Android, síìmù méjì, 5GB fún ọgbọ̀n ọjọ́.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ ní nǹkan mẹ́ta yìí lọ́wọ́:

- Iye dátà tó kù lórí síìmù yín. Lórí MTN, Airtel àti Glo, nọ́ńbà kan náà lẹ máa tẹ̀:

```
*323#
```

- Ọjọ́ tí ẹ ra dátà náà gan-an. Tí ẹ kò bá rántí, ẹ wo àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ẹ rà á.
- Nǹkan bíi ogójì ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kò ní pè yín síbòmíràn.

Orúkọ tí ẹ máa rí nínú Settings lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù sí fóònù. Èyí tí Android fúnra rẹ̀ ń lò ni mo kọ, mo sì fi ti Samsung kún un níbi tí ó bá ti yàtọ̀. Tí ẹ bá ń lo Tecno tàbí Infinix tí ẹ kò rí orúkọ kan, ẹ lọ sí àpótí ìwákiri tó wà lókè Settings, ẹ tẹ `data` sínú rẹ̀, yóò gbé e jáde.

## Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá ẹni tó ń jẹ ẹ́

Ẹ má tíì pa nǹkan kan o. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ń pa nǹkan kó tó wò ó dáadáa ni yóò pa ohun tó wúlò, tí yóò sì fi olè sílẹ̀.

1. Ẹ ṣí Settings, kí ẹ wọ Network & internet.
2. Ẹ tẹ SIMs, kí ẹ yan síìmù tí ẹ fi ń lo dátà.
3. Ẹ tẹ App data usage. Lórí Samsung, ọ̀nà rẹ̀ ni Settings, Connections, Data usage, lẹ́yìn náà Mobile data usage.
4. Ẹ rí i pé àsìkò tó wà lókè bá àsìkò tí ẹ ra dátà mu. Bí kò bá bá a mu, ìṣírò yín kò ní pé.
5. Ẹ tẹ áàpù tó wà lókè pátápátá. Yóò pín iye rẹ̀ sí méjì: Foreground, ìyẹn èyí tí ó jẹ nígbà tí ẹ ń wò ó, àti Background, ìyẹn èyí tí ó jẹ lábẹ́lẹ̀ nígbà tí ojú yín kò sí níbẹ̀.
6. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún áàpù márùn-ún àkọ́kọ́, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ohun tí a rí lórí fóònù àbúrò mi nìyí, láàárín ọjọ́ méjìlá:

- WhatsApp: 1.6GB, tí 1GB nínú rẹ̀ jẹ́ ti abẹ́lẹ̀
- YouTube: 1.3GB, ojú ló fi wo gbogbo rẹ̀
- Google Play Store: 700MB, abẹ́lẹ̀ ni
- Google Photos: 600MB, abẹ́lẹ̀ ni
- Facebook: 500MB
- Àwọn yòókù: 300MB

Ẹ ro ó pọ̀, 5GB ló jẹ́. Ohun tó yà á lẹ́nu jù ni Google Photos, torí pé kò tíì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i rí. Gbogbo àwòrán aṣọ tí àwọn oníbàárà fi ránṣẹ́ àti èyí tí òun fúnra rẹ̀ yà ni fóònù ń gbé lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, dátà rẹ̀ ló sì fi ń gbé e.

Ẹ wò ó, lára 5GB yẹn, ó ju 2GB lọ tí ó jẹ́ pé kò mọ̀ nípa rẹ̀ rárá. Ìyẹn ni a kọ́kọ́ dojú kọ. YouTube jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, ó mọ̀ọ́mọ̀ wò ó ni, a máa dé ibẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ dí ẹnu àwọn tó ń jẹ lábẹ́lẹ̀

Inú áàpù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ tún un ṣe kí ẹ tó lọ sí Settings fóònù. Ìdí ni pé bọ́tìnì inú Settings kò mọ ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá yín kọ ránṣẹ́ yàtọ̀ sí fídíò ìkíni òwúrọ̀ inú gúrúùpù ẹbí; ńṣe ni yóò dá gbogbo rẹ̀ dúró. Inú áàpù lẹ ti lè yàn.

### WhatsApp

1. Ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta òkè, kí ẹ tẹ Settings, lẹ́yìn náà Storage and data.
2. Lábẹ́ Media auto-download, ẹ tẹ When using mobile data.
3. Ẹ yọ àmì kúrò lára gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: Photos, Audio, Videos, Documents. Ẹ tẹ OK.
4. Ẹ padà sí Settings, kí ẹ wọ Chats, lẹ́yìn náà Chat backup. Ẹ pa Back up using cellular, kí ẹ sì pa Include videos.
5. Tí ẹ bá máa ń fi WhatsApp pe èèyàn gan-an, ẹ padà sí Storage and data, kí ẹ tan Use less data for calls.

Láti ìsinsìnyí, àwòrán àti fídíò yóò máa wá ní bàìbàì, tí iye rẹ̀ yóò sì wà lára rẹ̀. Èyí tí ẹ bá fẹ́ lẹ máa tẹ̀ kó tó wọlé. Ẹ ka iye yẹn kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ o: fídíò 48MB láti ọ̀dọ̀ ẹni tí kì í fi nǹkan gidi ránṣẹ́, ẹ lè fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí yín ní tirẹ̀ yóò ṣì máa wọlé fúnra rẹ̀, kò sí bí ẹ ṣe lè dá a dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ tó fídíò.

### Google Play Store

1. Ẹ tẹ àwòrán yín lókè lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ tẹ Settings.
2. Ẹ ṣí Network preferences, lẹ́yìn náà Auto-update apps.
3. Ẹ yan Over Wi-Fi only.
4. Ẹ má kúrò níbẹ̀, ẹ tẹ Auto-play videos, kí ẹ yan Don't auto-play videos.

Ìkìlọ̀ kan: áàpù báńkì a máa kọ̀ láti ṣí nígbà mìíràn tí ẹ kò bá tíì gba tuntun rẹ̀, ó sì máa ń jẹ́ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ sanwó kíákíá ló máa ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbàkigbà tí ẹ bá dé ibi tí Wi-Fi wà, ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ gba tuntun áàpù báńkì yín kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn.

### Google Photos

Ẹ tẹ àwòrán yín lókè, kí ẹ wọ ibi ètò rẹ̀, kí ẹ tẹ Backup. Ibẹ̀ lẹ máa rí Mobile data usage. Ẹ ṣètò rẹ̀ sí No data. Àwọn àwòrán yín kò ní sọnù. Wọn yóò dúró sínú fóònù títí ẹ ó fi dé ibi Wi-Fi. Àmọ́ tí ẹ kì í bá dé ibi Wi-Fi rárá, ẹ mọ̀ pé kò sí ẹ̀dà wọn níbòmíràn, kí ẹ máa kó wọn sórí kọ̀ǹpútà tàbí káàdì lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àwòrán aṣọ oníbàárà kì í ṣe ohun tí aránṣọ lè fi ṣeré.

### Àwọn yòókù: bọ́tìnì "Background data"

Facebook, TikTok, géèmù, áàpù ọjà àti áàpù ìròyìn kò ní ìdí kankan láti máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ kò wò wọ́n. Fún ìwọ̀nyí, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ di áàpù náà mú lójú fóònù, kí ẹ tẹ App info.
2. Ẹ tẹ Mobile data. Lórí fóònù mìíràn, ẹ máa rí Mobile data & Wi-Fi.
3. Ẹ pa Background data. Lórí Samsung, ẹ pa Allow background data usage.

Ẹ má ṣe pa á lára àwọn wọ̀nyí:

- WhatsApp. Tí ẹ bá pa á, ọ̀rọ̀ kò ní wọlé, ìpè kò sì ní dún, àfi tí ẹ bá ṣí i.
- Google Play services. Orí rẹ̀ ni ìkìlọ̀ àwọn áàpù yòókù ń gbà wọlé.
- Áàpù tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ jẹun, bíi ti awakọ̀ tó ń dúró de èrò.

Àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì tó ń wọlé bí SMS kò kan dátà rárá, yóò máa wọlé.

### Data Saver ńkọ́?

Ó wà ní Settings, Network & internet, Data Saver. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni, ó sì ń dá gbogbo áàpù dúró lábẹ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹ bá ń lo dátà síìmù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ọjọ́ tó bá ku díẹ̀ kí dátà tán, tàbí fún fóònù òbí àgbà tí kò ní áàpù púpọ̀. Fún ojoojúmọ́, ètò tí a ṣe lókè yìí ló dára jù lójú tèmi, torí ó ń fi ohun tó yẹ sílẹ̀.

Tí ẹ bá tan Data Saver, ẹ wọ inú Unrestricted data, kí ẹ tan WhatsApp níbẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpè yóò máa fò yín. Ẹ tún mọ̀ pé lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ kò ní lè tan họ́tísípọ́ọ̀tù nígbà tí Data Saver bá wà ní títàn.

## Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ fi ìkìlọ̀ àti òpin sí i

Nǹkan méjì ló wà níbí, àwọn èèyàn sì máa ń pa wọ́n pọ̀. Ìkìlọ̀ máa ń sọ fún yín pé ẹ ti lo iye báyìí, kò sì ní dá nǹkan kan dúró. Òpin ní tirẹ̀ yóò pa dátà fóònù pátápátá tí iye yẹn bá pé.

Ọ̀nà rẹ̀: Settings, Network & internet, SIMs, ẹ yan síìmù, lẹ́yìn náà Data warning & limit. Lórí Samsung: Connections, Data usage, Billing cycle and data warning.

1. Ẹ tẹ Mobile data usage cycle, kí ẹ fi ọjọ́ tí ẹ ra dátà síbẹ̀. Tí ó bá jẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù, ẹ yan 9. Lórí Samsung, Start billing cycle on ni.
2. Ẹ tan Set data warning, kí ẹ tẹ Data warning, kí ẹ kọ 2.5GB.
3. Ẹ tan Set data limit, kí ẹ gbà fún un, kí ẹ tẹ Data limit, kí ẹ kọ 4.8GB.

Ẹ máa béèrè ìdí tí mo fi fi ìkìlọ̀ sí ìdajì dípò ìgbà tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ìkìlọ̀ tó bá wá nígbà tí ó ku díẹ̀ kì í wúlò mọ́, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ìdajì dátà fún ìdajì oṣù ni. 5GB láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ jẹ́ nǹkan bíi 170MB lójúmọ́. Tí ìkìlọ̀ bá dé lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, ẹ wà lójú ọ̀nà. Tí ó bá dé lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ ti sáré jù, àyè sì ṣì wà láti padà sí Ìgbésẹ̀ kìíní kí ẹ wo ẹni tó ń jẹ ẹ́.

4.8GB tí mo fi ṣe òpin ní ìdí méjì. Àkọ́kọ́, bí fóònù ṣe ń ka dátà àti bí ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ṣe ń ka tirẹ̀ kì í bára mu délẹ̀délẹ̀, tiwọn ló sì ní agbára lórí owó yín. Ìkejì, ìwọ̀nba tó kù yẹn ni ẹ ó fi ṣe ohun pàjáwìrì, bíi kí ẹ fi áàpù báńkì ra dátà mìíràn. Tí dátà bá tán pátápátá tí owó ìpè sì wà lórí síìmù, owó ìpè yẹn ni fóònù lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ó sì máa ń yára jẹ ẹ́.

### Tí dátà yín kì í bá ṣe ti oṣù

Òǹkà Android kò mọ ọ̀sẹ̀, ọjọ́ inú oṣù nìkan ló mọ̀. Ẹ lè tan án jẹ báyìí: lọ́jọ́ tí ẹ bá ra ti ọ̀sẹ̀, ẹ yí Mobile data usage cycle sí ọjọ́ náà, kí ẹ fi iye tí ẹ rà ṣe òpin. Òǹkà yóò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ẹ bá tún ra òmíràn, ẹ tún un yí. Ó gba bí ìdajì ìṣẹ́jú péré.

Àwọn tó ń ra ti ọgbọ̀n ọjọ́ náà ní láti kíyè sí i. Oṣù tó bá ní ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n yóò ti ọjọ́ rírà yín sẹ́yìn ní ọjọ́ kan. Ẹni tó rà ní 9 oṣù March, 8 oṣù April ni dátà rẹ̀ parí, ibẹ̀ ló sì yẹ kí òǹkà sún sí.

### Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn níbí

Bàbá kan ládùúgbò wa gbé fóònù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe, torí pé ó ra dátà tuntun, dátà náà wọlé, `*323#` sọ pé ó wà, síbẹ̀ kò sí áàpù tó ṣí. Wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Nígbà tí mo wò ó, òpin tí ọmọ rẹ̀ fi sí i lóṣù tó kọjá ló ti pé. Fóònù kò mọ̀ pé ó ti ra òmíràn. A yí ọjọ́ òǹkà sí ọjọ́ náà, ohun gbogbo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, tí dátà bá kọ̀ tí `*323#` sì sọ pé ó wà, ẹ wo Data warning & limit kí ẹ tó gbé fóònù fún ẹnikẹ́ni. Tí òpin bá pé láàárín ohun pàtàkì, ìkìlọ̀ tó bá jáde ní bọ́tìnì Resume. Ẹ tẹ̀ ẹ́, dátà yóò padà. Ìpè lásán àti SMS kò dúró ní gbogbo àkókò yìí.

## Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wò ó nígbà tó bá wù yín

Ní báyìí a dé orí YouTube. Àbúrò mi kì í fi í ṣeré. Fídíò bí wọ́n ṣe ń gé bùbá àti bí wọ́n ṣe ń fi síìpù sí ẹ̀yìn aṣọ ló ń wò, ó sì ń wò ó bó ṣe ń gé aṣọ lọ: yóò dá a dúró, yóò gé, yóò padà sẹ́yìn, yóò tún pa fóònù. Lọ́jọ́ kejì, yóò tún ṣí fídíò kan náà. Fídíò ogún ìṣẹ́jú, tó bá wò ó ní 360p, máa ń jẹ nǹkan bíi 100MB. Tí ó bá ṣí i lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, 300MB ló lọ sórí ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.

Ẹ kọ́kọ́ ṣètò bí YouTube ṣe ń ṣeré lórí dátà:

1. Ẹ ṣí Settings inú YouTube, kí ẹ tẹ Video quality preferences.
2. Lábẹ́ On mobile networks, ẹ yan Data saver.
3. Ẹ wá Playback in feeds, kí ẹ yan Off tàbí Wi-Fi only, kí àwọn fídíò tí ẹ kò tẹ̀ má baà máa dá ṣeré bí ẹ ṣe ń wò kọjá.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba èyí tí ẹ máa wò léraléra sílẹ̀. Lábẹ́ fídíò, ẹ wá bọ́tìnì Download. Kì í ṣe orí gbogbo fídíò ló ti ń ṣiṣẹ́. Níbi tó bá ti ṣiṣẹ́, ẹ yan 360p tàbí 144p. Fún ẹni tó ń wo ọwọ́ aránṣọ, 360p tó. Fún ìwàásù tàbí ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ pé etí lẹ fi ń gbọ́ ọ, 144p ti pọ̀ tó. Fídíò tí ẹ gbà sílẹ̀ kò ní dúró títí láé, YouTube yóò máa fẹ́ kí ẹ tan íńtánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó tó jẹ́ kí ẹ máa wò ó lọ. Ìwọ̀nba dátà díẹ̀ ni ìyẹn ń gbà.

Ẹ má gba áàpù àjèjì tó ní òun lè gba fídíò èyíkéyìí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kún fún ìpolówó tó ń jẹ dátà lábẹ́lẹ̀, ohun tí ẹ ń sá fún gan-an nìyẹn.

Ibi tí ẹ ti lè rí dátà ọ̀fẹ́ tàbí olówó pọ́ọ́kú láti gba nǹkan sílẹ̀:

- Wi-Fi ibi iṣẹ́, iléèwé gíga, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ilé ọ̀rẹ́. Àbúrò mi máa ń gba fídíò mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ lọ́jọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì.
- Dátà òru. Ẹ wo èyí tí wọ́n ń tà nípa títẹ `*312#`, kí ẹ ka wákàtí tó ń bẹ̀rẹ̀ àti èyí tó ń parí dáadáa. Tí gbígbà sílẹ̀ bá kọjá wákàtí yẹn, dátà gidi yín ló máa parí rẹ̀.

### Máàpù

Ẹni tó ń lọ sí òde ìgbéyàwó ní ìlú tí kò mọ̀ lè gba máàpù ìlú náà sílẹ̀ láti ilé. Nínú Google Maps, ẹ tẹ àwòrán yín, Offline maps, Select your own map, ẹ fa àpótí náà bo gbogbo Ìbàdàn, ẹ tẹ Download. Yóò máa darí ẹni tó ń wakọ̀ láìsí dátà. Ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà, kò sì ní darí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

### Ohun tó ti wà lórí fóònù ẹlòmíràn

Fídíò ìnáwó tí ẹ̀gbọ́n yín yà, tí ẹ sì jọ wà nínú yàrá kan náà, kò yẹ kó gba WhatsApp kọjá. Yóò jẹ dátà tirẹ̀ láti fi ránṣẹ́, yóò tún jẹ tiyín láti gbà á. Ẹ lo Quick Share tàbí Xender: fóònù méjèèjì yóò so mọ́ra wọn, fídíò yóò sì kọjá láìfọwọ́ kan dátà ẹnikẹ́ni. Ó tún máa ń mọ́lẹ̀ ju ti WhatsApp lọ, torí WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀ kó lè kéré.

## Ọ̀fìn họ́tísípọ́ọ̀tù

Gbogbo ohun tí a ti ṣe yìí lè bàjẹ́ láàárín wákàtí kan tí ẹ bá tan họ́tísípọ́ọ̀tù fún láptọ́ọ̀pù. Láptọ́ọ̀pù rò pé Wi-Fi ilé ni òun wà lórí rẹ̀, ni Windows bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohun ìmúdójúìwọ̀n tó lè ju 1GB lọ. Kí ẹ tó ṣiṣẹ́ kankan lórí rẹ̀:

1. Lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ ṣí Settings, Network & internet, Wi-Fi.
2. Ẹ tẹ orúkọ họ́tísípọ́ọ̀tù yín, kí ẹ wọ properties rẹ̀.
3. Ẹ tan Metered connection.

Windows yóò rántí èyí fún họ́tísípọ́ọ̀tù náà. Tí ó bá jẹ́ fóònù Android mìíràn lẹ fún ní họ́tísípọ́ọ̀tù, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi náà lórí fóònù yẹn, kí ẹ wá Network usage, kí ẹ sì yan Treat as metered.

## Àṣìṣe tí mo máa ń bá pàdé

Síìmù méjì, òpin kan. Òpin tí ẹ fi sí síìmù kìíní kò mọ ìkejì. Lọ́jọ́ tí ẹ bá yí dátà sórí síìmù kejì, kò sí ìkìlọ̀, kò sì sí òpin níbẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Àbúrò mi gan-an ti ṣe àṣìṣe yìí.

Pípa dátà, títan dátà. Ọ̀pọ̀ ló máa ń pa dátà lẹ́yìn tí wọ́n bá lò ó tán, wọ́n sì rò pé àwọn ń ṣọ́wó ná. Ohun tó dúró de yín kò lọ ibì kankan. Bí ẹ ṣe tan án padà, gbogbo fídíò gúrúùpù yóò rọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Tí ẹ bá ti ṣe Ìgbésẹ̀ kejì, ẹ lè fi dátà sílẹ̀ ní títàn.

Nínu "cache" lójoojúmọ́. Áàpù fi àwòrán tó ti gbà pamọ́ síbẹ̀ kó má baà tún gbà á. Tí ẹ bá tẹ Clear cache, yóò tún fi dátà gba gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí àyè fóònù bá kún nìkan ni kí ẹ ṣe é.

## Tí iPhone lẹ ń lò

iPhone kò ní òpin tó ń pa dátà fúnra rẹ̀, nítorí náà ìṣọ́ra yín ni òpin. Ẹ wọ Settings, lẹ́yìn náà Mobile Data tàbí Cellular, kí ẹ tan Low Data Mode nínú ètò síìmù yín. Níbẹ̀ náà, ẹ lè pa áàpù kọ̀ọ̀kan kúrò lórí dátà, kí ẹ sì pa Wi-Fi Assist nísàlẹ̀ pátápátá, torí òun ló máa ń yà sórí dátà tí Wi-Fi bá rọ. Background App Refresh wà ní General. Òǹkà tó wà níbẹ̀ kì í padà sí òdo fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ Reset Statistics lọ́jọ́ tí ẹ bá ra dátà.

## Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí 5GB àbúrò mi

Lóṣù tó tẹ̀lé e, ìkìlọ̀ 2.5GB dé lọ́jọ́ kẹtàdínlógún. Nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, fóònù ka 4.3GB. WhatsApp ti bọ́ sí 900MB, Google Photos kò jẹ nǹkan kan lórí dátà, Play Store sì jẹ 60MB péré, ti áàpù báńkì tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbà. YouTube ló wá gba ipò kìíní ní 1.7GB, fún odindi oṣù o. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an lòun fẹ́ ẹ, torí ibẹ̀ lòun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rán kọ́là tí òun ń gbowó rẹ̀ báyìí.

Facebook nìkan ni kò tíì wá sílẹ̀ tó bí a ṣe fẹ́. Ó ṣì jẹ 800MB láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, Foreground sì ni gbogbo rẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú Settings rẹ̀, a tẹ Media, a sì fi Autoplay sí Never autoplay videos ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún a ó tún ṣí App data usage wò ó.